Ìbéèrè Tí Àwọn Olùkọ́ Ìtàn Máa Ń Béèrè Lórí Kíkó Báǹkì Ìbéèrè Jọ Fún Ìdánwò Táàmù

Kí ni báǹkì ìbéèrè, kí ló sì fi yàtọ̀ sí ìwé ìdánwò àtẹ̀yìnwá?

Báǹkì ìbéèrè ni àkójọ ìbéèrè tí olùkọ́ ti kọ sílẹ̀ kí ìdánwò tó dé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́: ìgbà tó jẹ mọ́ nínú ìtàn, ọ̀sẹ̀ tí a kọ́ ẹ̀kọ́ náà, irú ìrònú tó ń béèrè, ìdáhùn tó tọ̀nà, àti bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ṣe sí i nígbà tí a lò ó gbẹ̀yìn. Ìwé ìdánwò àtẹ̀yìnwá kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó bá kàn ń ṣí ìwé ìdánwò ọdún mẹ́ta, tó ń mú mẹ́wàá níbí àti mẹ́wàá lọ́hùn-ún, kò lè sọ iye tó ti inú ayé àtijọ́ wá àfi tó bá jókòó kà wọ́n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì sábà máa ń bá a kà wọ́n lẹ́yìn tí ìdánwò ti parí.

Kíláàsì SS1 tó ń kọ́ ìtàn Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òmìnira ni a fi ṣe gbogbo àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni a fi kọ́ ẹ̀kọ́, ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ló wà ní kíláàsì, ìdánwò náà sì ní ìwé méjì: ogójì ìbéèrè àṣàyàn, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa mú ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́rin, àti ìbéèrè alálàyé.

Ibo ni ayé àtijọ́ parí sí, ibo sì ni ayé òde òní ti bẹ̀rẹ̀?

Ìwé ìtàn àwọn ará Yúróòpù máa ń fi ìṣubú ìjọba Róòmù ní ọdún 476 pààlà ayé àtijọ́, wọ́n sì máa ń fi ọdún 1453 tàbí ibi tó súnmọ́ ọn pààlà ìgbà àárín. Kò sí ohun tí ọ̀kankan nínú ọdún wọ̀nyí yí padà ní Nok tàbí ní Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹ bá gbé e wọ inú ìtàn Nàìjíríà bó ṣe wà, Igbo-Ukwu yóò bọ́ sí ìgbà àárín nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Róòmù, ọmọ tó bá sì béèrè ìdí kò ní rí ìdáhùn gidi kan gbà lẹ́nu yín.

Ààlà tí mo ń lò ni ọdún 1000 àti ọdún 1804. Ṣáájú nǹkan bí ọdún 1000, ohun tí wọ́n hú nínú ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rí wa: egungun Ìwó Elérú nítòsí Àkúrẹ́, ọkọ̀ ojú omi Dufuna ní ìpínlẹ̀ Yobe, ère amọ̀ Nok, àti idẹ Igbo-Ukwu tó jẹ́ ti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Láti ibẹ̀ lọ, ìjọba tí a mọ orúkọ ọba wọn ló gba ojú ìtàn: Kánẹ́mù àti Bọ̀rnó, àwọn ìlú Hausa, Ifẹ̀, Benin, Ọ̀yọ́. Ọdún 1804 ni Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ jìhádì, láàárín ogójì ọdún lẹ́yìn rẹ̀ sì ni Ọ̀yọ́ Ilé túká, tí àwòrán ìṣèlú ilẹ̀ yìí sì yí padà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ lè yan ààlà mìíràn. Ohun tí kò ṣeé ṣe ni kí ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé olùkọ́ méjì tó ń kọ ìbéèrè sínú báǹkì kan náà yóò pín Ifẹ̀ sí ibi méjì. Ọ̀kan á ní ère idẹ Ifẹ̀ jẹ́ ti ayé àtijọ́ nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ń pè é ní iṣẹ́ ọnà àtijọ́. Èkejì á rántí pé àwọn orí idẹ náà jẹ́ iṣẹ́ nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, tí í ṣe àárín gbùngbùn ìgbà àárín.

Ṣé kí n pín ogójì ìbéèrè náà sí mẹ́ta lọ́gbọọgba?

Rárá o. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ fi kọ́ ẹ̀kọ́ ni kí ẹ fi pín in. Ní kíláàsì tí mo sọ yìí, ọ̀sẹ̀ méjì ni ayé àtijọ́ gbà, mẹ́rin ni ìgbà àárín, mẹ́rin ni ayé òde òní. Ọ̀sẹ̀ kan wá di ìbéèrè mẹ́rin, ó sì parí síbẹ̀: mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún, mẹ́rìndínlógún. Bí ẹ bá fún ayé àtijọ́ ní ìbéèrè mẹ́tàlá, ẹ ó máa béèrè ohun mẹ́fà tàbí méje lórí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan, kò sì ní pẹ́ tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ẹ kò kọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pín in lẹ́ẹ̀kejì gẹ́gẹ́ bí irú ìrònú. Mẹ́ta péré ni mo ń lò, nítorí pé bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn olùkọ́ á máa jiyàn lórí orúkọ dípò kí wọ́n kọ ìbéèrè. Ìrántí ni kí ọmọ mọ ohun tí a kọ́ ọ. Òye ni kó lè sọ ìdí tàbí ìyàtọ̀. Ìlò ni kó fi ohun tó mọ̀ wo ohun tí kò tíì rí rí, bí àpẹẹrẹ àpólà ọ̀rọ̀ láti inú lẹ́tà àtijọ́ kan tàbí àwòrán ohun tí wọ́n hú.

| | Ìrántí | Òye | Ìlò | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Ayé àtijọ́ | 3 | 3 | 2 | 8 |
| Ìgbà àárín | 6 | 6 | 4 | 16 |
| Ayé òde òní | 7 | 5 | 4 | 16 |
| Àpapọ̀ | 16 | 14 | 10 | 40 |

Kí ẹ tó kọ ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ ó ti ya tábìlì yìí. Bí ẹ bá yà á lẹ́yìn tí ẹ ti kọ ìbéèrè tán, ẹ kàn ń wá orúkọ fún ohun tó ti wà nílẹ̀ ni.

Iye ìbéèrè mi pé pérépéré, síbẹ̀ àwọn ọmọ ní apá àtijọ́ rọrùn, apá òde òní sì le. Kí ló fà á?

Ìwọ̀n yín wà ní ìnà tábìlì, kò sí ní ìbú rẹ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti ṣe é fúnra mi lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo kọ ìdánwò: gbogbo ìbéèrè ayé àtijọ́ jẹ́ “ibo ni wọ́n ti rí èyí” àti “kí ni orúkọ tọ̀hún”, tí gbogbo ìbéèrè ayé òde òní sì jẹ́ “kí ló fa èyí” àti “kí ni ìyàtọ̀ láàárín òfin ìjọba 1946 àti ti 1951”. Ìwé nípa ayé òde òní pọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́, ó rọrùn fún un láti rí ìdí àti àbájáde níbẹ̀. Ti ayé àtijọ́ jẹ́ ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta tó kún fún orúkọ, orúkọ náà ló sì ń béèrè.

Aburú tó wà nínú rẹ̀ ni pé nígbà tí máàkì bá jáde, ẹ ó rò pé àwọn ọmọ mọ ayé àtijọ́ ju ayé òde òní lọ, ẹ ó sì fi ọ̀sẹ̀ kan kún ayé òde òní ní táàmù tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìrántí ni ẹ wọ̀n ní apá kan, òye ni ẹ wọ̀n ní apá kejì. A kì í fi òṣùwọ̀n méjì wọn gààrí kan náà ká tún máa jiyàn pé èyí pọ̀ ju tọ̀hún lọ.

Ìbéèrè wo ló wà nínú ayé àtijọ́ ju orúkọ àti ibi tí wọ́n ti rí nǹkan lọ?

Ìbéèrè lórí ẹ̀rí ni. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ní irú ẹ̀rí tirẹ̀, bí a sì ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò ni ohun tó dára jù tí ẹ lè béèrè ní apá ìlò. Ẹ wo Nok. Ọdún 1928 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ère amọ̀ níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran, Bernard Fagg sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ ní àwọn ọdún 1940. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère tó kọ́kọ́ jáde wọ̀nyí ni omi ti wọ́ kúrò ní ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, tó sì kó wọn mọ́ yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó ìbéèrè:

“Awakùsà kan rí orí ère amọ̀ nínú yanrìn odò, èédú igi kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ló lè mú kí ọjọ́ orí èédú náà má sọ ọjọ́ orí ère náà fún wa?” Ìdáhùn ni pé omi lè ti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbé àwọn méjèèjì wá pàdé. Ọmọ tó há orúkọ Nok àti Taruga sórí kò lè fi ìyẹn nìkan dáhùn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yé e pé ibi tí nǹkan wà nínú ilẹ̀ jẹ́ ara ẹ̀rí, àti pé ìdí rèé tí àwọn ohun tí Thurstan Shaw fúnra rẹ̀ wà jáde ní Igbo-Ukwu láti ọdún 1959 fi wúlò fún òpìtàn ju èyí tí ẹnì kan kọsẹ̀ bá nínú odò.

Fún ìgbà àárín, ìtàn àtẹnudẹ́nu ni kí ẹ lò. Ìtàn tí Ifẹ̀ ń sọ nípa Ọ̀rànmíyàn àti èyí tí wọ́n ń sọ ní Benin kò bára mu lórí ẹni tó jẹ́ ọmọ ta ni. Ẹ lè gbé méjèèjì kalẹ̀ ní ìlà méjì-méjì, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n fara mọ́ pọ̀, tàbí àǹfààní tí ààfin kọ̀ọ̀kan ń rí nínú bó ṣe ń sọ ọ́. Fún ayé òde òní, ìwé àdéhùn wà. Ní oṣù Ògún ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Dòsùnmú sì ṣàròyé lẹ́yìn náà. Ẹ béèrè ohun tí òpìtàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún kó tó sọ pé ọba náà fínnúfíndọ̀ gbé ìlú sílẹ̀.

Ọdún wo ni mo lè béèrè, èwo ni kí n fi sílẹ̀?

Ẹ béèrè ọdún tí ìwé àkọsílẹ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀, tó sì pààlà láàárín nǹkan méjì: 1861, 1914, 1960. Ẹ má béèrè ọdún tí ìwé méjì tí àwọn ọmọ ń kà kò fẹnu kò lé lórí. Ọdún tí wọ́n kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé jẹ́ 1835 nínú ìwé kan, ó jẹ́ 1836 tàbí 1837 nínú òmíràn, bí ẹ bá sì fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìdáhùn mẹ́rin kan náà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni àwọn òbí máa gbé ìwé wá bá yín. Ẹ béèrè ìtòlẹ́sẹẹsẹ dípò rẹ̀: èwo ló ṣáájú nínú ìṣọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá, ìtúká Ọ̀yọ́ Ilé, ogun Òṣogbo àti ogun Kírìjí? Ẹni tó bá mọ ìtàn náà yóò tò ó láìsí pé ó mọ ọdún kan.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti ayé àtijọ́ nìkan. Ọdún tí wọ́n rí nǹkan yàtọ̀ sí ọdún tí wọ́n ṣe é. “Ọdún wo ni Nok?” kì í ṣe ìbéèrè, nítorí pé 1928 tọ̀nà fún ọmọ kan, ẹgbẹ̀rún ọdún kí a tó bí Jésù sì tọ̀nà fún òmíràn. Mo ti máàkì ìwé tí ọmọ kan ti kọ ọ́ pé àwọn ará Nok gbé ayé ní ọdún 1928, “wọ́n sì ń fi amọ̀ ṣe orí títí àwọn òyìnbó fi dé”. Àṣìṣe náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Báwo ni mo ṣe ń kọ àwọn ìdáhùn mẹ́ta tí kò tọ̀nà?

Inú ìgbà kan náà ni kí ẹ ti mú wọn. Ẹ wo ìbéèrè yìí: “Ọba Benin wo ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́ Idia, tó sì dá oyè Ìyọ́ba sílẹ̀ fún un?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ Esigie, Lugard, Macaulay àti Awólọ́wọ̀, ọmọ tí kò wá sí kíláàsì rárá yóò mú Esigie, nítorí pé òun nìkan ni orúkọ rẹ̀ jọ ti ọba Benin. Bí ó bá jẹ́ Esigie, Ewuare, Ozolua àti Orhogbua, ọba Benin ni gbogbo wọn, wọn kò sì jìnnà síra, nítorí náà ẹni tó mọ̀ ọ́n nìkan ló lè dá a mọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ gígùn rẹ̀. Olùkọ́ máa ń fẹ́ kí ìdáhùn tó tọ̀nà péye, á wá kọ ọ́ ní ìlà méjì, nígbà tí àwọn yòókù jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn ọmọ mọ àrà yìí ju bí a ṣe rò lọ. Bákan náà, bí ìbéèrè keje bá sọ pé “lẹ́yìn ìdàpọ̀ ọdún 1914…”, kí ìbéèrè kejìlélógún má béèrè ọdún ìdàpọ̀ mọ́. Ewu yìí pọ̀ nínú báǹkì ju inú ìwé tí ẹ jókòó kọ lẹ́ẹ̀kan lọ, nítorí pé oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti kọ àwọn ìbéèrè náà, ẹ kò sì rí wọn pa pọ̀ títí ọjọ́ tí ẹ tò wọ́n. Ẹ ka gbogbo ogójì láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Mélòó ló yẹ kó wà nínú báǹkì kí n tó lè gbọ́kàn lé e?

Ìlọ́po mẹ́ta ìdánwò kan tó, nínú àpótí kọ̀ọ̀kan tábìlì yẹn. Fún àpẹẹrẹ wa, ó jẹ́ ọgọ́fà: mẹ́rìnlélógún fún ayé àtijọ́, méjìdínláàádọ́ta fún ìgbà àárín, iye kan náà fún ayé òde òní. Àpótí tó máa ń ṣófo jù ni ìlò nínú ayé àtijọ́, tó ń fẹ́ mẹ́fà péré, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìrántí ayé òde òní, tó ń fẹ́ mọ́kànlélógún, ẹ lè kọ ọ́ tán ní ọ̀sán ọjọ́ kan.

Àkọsílẹ̀ wo ni kí n ṣe sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ṣé dandan ni kó wà lórí kọ̀ǹpútà?

Kì í ṣe dandan. Páálí pélébé kan fún ìbéèrè kan, nínú àpótí bàtà tí ẹ pín sí mẹ́ta, ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì rọrùn láti tẹ́ sórí tábìlì. Bí ẹ bá lò ó lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ya ọ̀wọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìgbà (`AT`, `AR`, `OD`), ọ̀kan fún irú ìrònú (`1`, `2`, `3`), ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀, àti ọ̀kan fún táàmù tí ẹ lò ó gbẹ̀yìn. Nígbà náà, bí ìgbà bá wà ní ọ̀wọ́ B, tí ìrònú sì wà ní ọ̀wọ́ C, iye ìbéèrè ìlò tí ẹ ní fún ayé àtijọ́ yóò jáde báyìí:

```
=COUNTIFS(B:B,"AT",C:C,3)
```

Ẹ má gbàgbé ọ̀wọ́ táàmù tí ẹ lò ó gbẹ̀yìn. Ìbéèrè tó ti jáde ti wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹnì kan nílé, nítorí náà èmi kì í tún un lò kí ọdún méjì tó pé.

Ní ìwé alálàyé, àwọn ọmọ ń yan mẹ́ta nínú márùn-ún. Ṣé ìwọ̀n mi ṣì dúró?

Kò dúró. Bí ọ̀kan nínú márùn-ún bá jẹ́ ti ayé àtijọ́, tí méjì jẹ́ ti ìgbà àárín, tí méjì sì jẹ́ ti ayé òde òní, ìwé yín dára lójú, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ṣí ìwé ayé àtijọ́ wò rí yóò dáhùn mẹ́ta láìfọwọ́ kàn án. Ìwé tí ọmọ kọ ni ìwọ̀n gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ti inú ìwé tí ẹ tẹ̀ kò tó.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ sọ ìbéèrè kìíní di dandan, kí ó jẹ́ ti ayé àtijọ́, kí máàkì rẹ̀ sì kéré, torí pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ló gbà. Bí ìwé náà bá jẹ́ ọgọ́ta máàkì, ẹ fún un ní méjìlá, tí í ṣe ìdá kan nínú márùn-ún bíi ti tábìlì. Lẹ́yìn náà kí ọmọ yan ọ̀kan nínú méjì ní ìgbà àárín àti ọ̀kan nínú méjì ní ayé òde òní, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Àwọn méjì tó ń dupò síra gbọ́dọ̀ le bákan náà: “Ṣàlàyé ìdí mẹ́ta tí jìhádì 1804 fi kẹ́sẹ járí” kò bá “Dárúkọ ọba Ọ̀yọ́ mẹ́rin” ṣe ẹgbẹ́.

Inú ìgbà wo ni mo ń ka ìbéèrè tó kan ìgbà méjì tàbí mẹ́ta sí?

Inú ìgbà tí ìmọ̀ tó gbé ìdáhùn ti wá. Ẹ jẹ́ ká fi ìbòjú eyín erin ti Idia wò ó. Nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni wọ́n gbẹ́ ẹ ní Benin, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ ní ọdún 1897, àwòrán rẹ̀ sì ni wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún FESTAC tó wáyé ní Èkó ní ọdún 1977. Ohun kan ṣoṣo, ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹ bá béèrè ẹni tí ojú náà jọ àti ipò rẹ̀ ní ààfin, ìgbà àárín ni. Bí ẹ bá béèrè bó ṣe dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ayé òde òní ni.

Bí ẹ bá wá ní kí ọmọ sọ ìdí tí ìjọba ọdún 1977 fi yan ohun tí wọ́n gbẹ́ láyé Esigie, kò sí ìgbà kan tó lè gbé ìdáhùn náà nìkan. Irú èyí ni kí ẹ gbé sí ìwé alálàyé, kí ẹ pín máàkì rẹ̀ sí méjì nínú ìlànà máàkì yín, kí ẹ sì ka ìdajì sí ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan tàbí méjì irú rẹ̀ ti tó fún ìdánwò kan. Bí wọ́n bá pọ̀, tábìlì yín kò ní sọ òótọ́ mọ́.

Lẹ́yìn ìdánwò, báwo ni mo ṣe máa mọ ìbéèrè tó yẹ kó padà sínú báǹkì?

Ohun méjì ni kí ẹ ṣírò. Èkíní ni ìrọ̀rùn rẹ̀: ẹ fi iye àwọn tó ṣe ìdánwò pín iye àwọn tó gbà á. Èkejì ni bóyá ó ya ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ́tọ̀ lára ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ to ìwé ogójì náà láti orí ẹni tó gba máàkì jù dé ẹni tó gbà kéré jù, kí ẹ mú mọ́kànlá láti òkè àti mọ́kànlá láti ìsàlẹ̀, tí í ṣe nǹkan bí ìdá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì. Ẹ yọ iye àwọn tó gbà á nísàlẹ̀ kúrò nínú iye àwọn tó gbà á lókè, kí ẹ wá fi mọ́kànlá pín in.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ènìyàn mẹ́rìnlélógún nínú ogójì gba ìbéèrè Esigie. Ìrọ̀rùn rẹ̀ jẹ́ 0.60. Bí mẹ́sàn-án bá gbà á lókè, tí mẹ́rin sì gbà á nísàlẹ̀, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ márùn-ún, tí í ṣe 0.45. Ó dára, ó padà sínú báǹkì.

Ìbéèrè mìíràn béèrè pé “Kí ló fa ìtúká Ọ̀yọ́ Ilé?”, ìdáhùn tí olùkọ́ mú sì ni ìkọlù láti Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ ìṣọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá wà lára àwọn yòókù. Ènìyàn méjìdínlógún gbà á, 0.45, kò burú lójú. Ṣùgbọ́n mẹ́rin ló gbà á lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀: ìyàtọ̀ náà lọ sábẹ́ òdo, ó di -0.18. Àwọn tó mọ ìtàn náà jù lọ ló kùnà rẹ̀, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé ìṣọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá ló ṣílẹ̀kùn fún Ìlọrin, wọ́n sì mú un. Ìdáhùn méjì ló tọ̀nà. Ẹ fún gbogbo ẹni tó mú ọ̀kan nínú méjèèjì ní máàkì, kí ẹ sì tún ìbéèrè náà kọ.

Ní kíláàsì ogójì, ọmọ kan ṣoṣo lè sún ìyàtọ̀ yìí ní 0.09, nítorí náà ẹ má torí 0.27 tàbí 0.18 ju ìbéèrè nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó bọ́ sábẹ́ òdo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wò.

Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé nínú báǹkì mi, síbẹ̀ ẹnì kan ní kò dọ́gba. Kí ló rí?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ní ilé-ìwé wa níhìn-ín ní ìwọ̀-oòrùn, ó rọrùn láti fi Ìwó Elérú ṣe ayé àtijọ́, kí Ifẹ̀ àti Ọ̀yọ́ jẹ́ ìgbà àárín, kí Kírìjí àti ìjà àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jẹ́ ayé òde òní, kí tábìlì sì pé láìsí Bọ̀rnó, láìsí Kano ayé Muhammad Rumfa, láìsí ogun àwọn obìnrin Aba ní ọdún 1929. Ẹ fi ọ̀wọ́ ilẹ̀ kún àkọsílẹ̀ yín. Kò pọn dandan kí ẹ pín in lọ́gbọọgba, sìkíìmù yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ kan bá gba ju ìdajì lọ nínú ìgbà kan, ẹ wò ó bóyá sìkíìmù ló sọ bẹ́ẹ̀ tàbí ìwé tó wà nílé yín.

Ìdáṣẹ́sílẹ̀ jẹ ọ̀sẹ̀ méjì mọ́ wa lọ́wọ́, a kò sì kọ́ ayé òde òní tán. Kí ni mo ń ṣe sí ìdánwò tí mo ti tò?

Ẹ padà sí tábìlì, ẹ má kàn yọ ìbéèrè kúrò. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá jáde kúrò nínú mẹ́rin ti ayé òde òní, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kù: méjì, mẹ́rin, méjì. Ọ̀sẹ̀ kan wá di ìbéèrè márùn-ún, ogójì náà sì di mẹ́wàá, ogún, mẹ́wàá. Ìwé alálàyé náà yóò yí padà: ayé àtijọ́ àti ayé òde òní á gba máàkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìgbà àárín á gba ọgbọ̀n. Ẹ mú méjì kún ayé àtijọ́ àti mẹ́rin kún ìgbà àárín láti inú báǹkì, kí ẹ sì wo ọ̀wọ́ ọ̀sẹ̀ dáadáa kí èyí tó ń béèrè òfin ìjọba 1954 má yọ́ wọlé, nígbà tí kíláàsì kò tíì kọjá 1914. Èyí tí ẹ kò lò, ẹ fi í sílẹ̀ fún táàmù kejì, kí ẹ sì yí nọ́mbà ọ̀sẹ̀ rẹ̀ padà lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́ ẹ̀kọ́ náà gan-an.